Mángòrò Tó Já Lu Òrùlé Ẹ̀gbọ́n Mi

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹrin, ìjì jà ní Mọ́níyà lẹ́yìn Ìbàdàn, ó sì gbọn igi mángòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ẹni ń gbọn aṣọ tó gbẹ lórí okùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí lórí fóònù. A ò tíì kíra tán tí wọ́n fi sọ pé, "Páànù mi ti tẹ̀ wọnú kiri. Ọdún méjì péré ló lò lórí ilé. Ṣé bí gbogbo páànù ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àbí wọ́n lù mí ní jìbìtì?"

Iṣẹ́ òrùlé ni mo fi ń jẹun láti ọdún 2006. Nínú gbogbo ilé tí ìdílé wa kọ́ látìgbà náà, èyí nìkan ni n kò fọwọ́ kàn, torí pé Àkúrẹ́ ni mo wà nígbà tí wọ́n ń kan òrùlé rẹ̀, n kò sì lè fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti ń dùn mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí mo gbé àkàbà ti ògiri, tí mo sì yọjú sórí òrùlé, ó wá dùn mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí igi mángòrò nìkan ló kàn. Mo ka ibi mẹ́tàlélógún tó ti tẹ̀ wọnú, àwọn kan rí roboto bí ẹnu ife, àwọn kan sì gùn bí èso mángòrò fúnra rẹ̀. Kò sí èyí tó lu. Ní ibi méjì péré ni ọ̀dà ti sán, tí funfun alumíníọ̀mù sì yọ lábẹ́ rẹ̀ bí ìlà irun.

Mo fi àtàǹpàkò tẹ àárín páànù kan láìlo agbára. Ó wọlé, ó ní "pọ̀n-ún", ó sì padà. Ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Kí ni wọ́n sọ fún yín pé ó jẹ́ nígbà tí ẹ rà á?"

Wọ́n ní, "0.55. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ẹni tó tà á fún mi ní 0.45 ni ti àwọn tálákà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà yìí fún ẹni tí kò tíì kọ́lé. Tí wọ́n bá ní páànù jẹ́ 0.55, bí ó ṣe nípọn ni wọ́n ń sọ, ìyẹn mìlímítà kan tí kò pé, díẹ̀ lé ní ìdajì rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa nínú lọ́ńgísípáànì alumíníọ̀mù ni 0.45, 0.55 àti 0.70. Àwọn àgbà káfíńtà máa ń fi gẹ́éjì pè é, gẹ́éjì sì ń ka ẹ̀yìn: bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni páànù ń fẹ́lẹ́ sí i. Ohun tó burú nínú gẹ́éjì ni pé nọ́ńbà kan náà kì í ṣe ohun kan náà fún gbogbo irin. Nínú ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, gẹ́éjì 26 jẹ́ nǹkan bíi 0.55 lára páànù irin tí wọ́n fi síńkì bọ̀, ṣùgbọ́n lára alumíníọ̀mù, 26 yẹn kan náà jẹ́ 0.40 péré. Ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà gẹ́éjì ta yín, ẹ ní kó sọ ọ́ ní mìlímítà, kó sì kọ ọ́ sórí rìsíìtì.

Ṣùgbọ́n ìwé rìsíìtì kọ́ ló ń bo ilé. Máíkíromítà tí mo fi ń wọn bí páànù ṣe nípọn wà ní ṣọ́ọ̀bù, n kò mú un wá. Bẹ́ẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, páànù odindi kan ṣẹ́ kù tí wọ́n fi bo orí kọ́ńkíríìtì kànga, ọmọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù sì ń kọjá pẹ̀lú òṣùwọ̀n ìfikọ́ rẹ̀ léjìká. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní òṣùwọ̀n náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A fi okùn de páànù náà láàárín, a fi kọ́ ẹ̀ka mángòrò tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, a dúró kó má fì mọ́. Ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró sí kílò 8 àti ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan.

Ìṣirò tó kù kò le. Páànù yẹn gùn ní mítà 6. Fún fífẹ̀ rẹ̀, mo mú téèpù aláṣọ tí àwọn aránṣọ ń lò, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páànù, mo jẹ́ kó gun òkè kó sì sọ̀ sínú kòtò rẹ̀ gbogbo láti etí dé etí. Ó jẹ́ mítà 1.2. Ẹ má fi téèpù wọ̀n ọ́n lọ gbọọrọ lórí, torí pé ibi tó ká sókè sódò yẹn náà jẹ́ irin tí ẹ sanwó rẹ̀. Mítà 6 lọ́nà 1.2 jẹ́ 7.2, ìyẹn ni pé tí a bá na páànù yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, yóò gba àyè méje ó lé díẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní fífẹ̀. Alumíníọ̀mù tó bá fẹ̀ tó irú àyè kan bẹ́ẹ̀, tó sì nípọn ní mìlímítà 1, kílò 2.7 ni yóò wọ̀n. Nítorí náà, tí páànù ẹ̀gbọ́n mi bá jẹ́ 0.55 lóòótọ́, ó yẹ kó wọ̀n nǹkan bíi kílò 10.7. Tó bá jẹ́ 0.45, kílò 8.7. Kílò 8 àti ìdá mẹ́rin kan jẹ́ 0.42, a ò sì tíì yọ ìwọ̀n ọ̀dà kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ìbéèrè sílẹ̀ bí òjò: ṣé ilé yóò máa jò ni? Ṣé ìdí tí n kò fi ń rí oorun sùn tí òjò bá ń rọ̀ nìyẹn? Ọdún mélòó ló kù fún un? Ṣé kí n kúkú tú gbogbo rẹ̀, kí n fi 0.70 bò ó?

Mo rò ó pé ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́lé béèrè ni ìyẹn, ìdáhùn wọn kò sì rí bákan náà. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí: nínípọn páànù máa ń yanjú àwọn ọ̀ràn kan dáadáa, ó máa ń yanjú àwọn kan díẹ̀, àwọn kan sì wà tí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú wọn rárá, bẹ́ẹ̀ owó ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ san.

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí mángòrò. Ní ti pé kí nǹkan já lu páànù kó sì tẹ̀ ẹ́ wọnú, nínípọn lọ̀gá. Agbára tí ohun kan nílò kó tó lè tẹ páànù kó má sì padà mọ́ kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n bí páànù ṣe ń nípọn nìkan, ó máa ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí páànù kan bá nípọn ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ ní láti lágbára tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Láti 0.45 sí 0.55 dà bí ohun kékeré lójú, kò ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà lọ, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan bí ìdajì kún agbára tí páànù ní láti kọ́ títẹ̀. Láti 0.42 ti ẹ̀gbọ́n mi sí 0.70, ó lé ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Ìdí nìyẹn tí mángòrò kan náà fi lè já lu ilé méjì, kí ti àkọ́kọ́ tẹ̀ wọnú, kí ti èkejì kàn dún gbàù, kí èso sì yí bọ́ sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń tajà kì í sọ. Líle irin fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀ sí nínípọn rẹ̀. Mo ti rí páànù 0.55 tó rọ̀ bí ìdérí ìkòkò àtijọ́, mo sì ti rí 0.45 tó le tó ń ta padà. Ẹ mú etí gígé páànù kan, ẹ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀. Èyí tó le yóò ta padà sí ipò rẹ̀. Èyí tó rọ̀ yóò dúró síbi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. N kì í ra páànù fún oníbàárà láìṣe èyí, ì báà jẹ́ pé wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára gàdàgbà.

Ẹsẹ̀ ènìyàn ni ọ̀tá kejì, ó sì burú ju mángòrò lọ. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó ń to díìṣì tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń gun òrùlé. Nísinsìnyí àwọn tó ń to sólà ti kún un, àwọn wọ̀nyẹn sì máa ń lo odidi ọjọ́ méjì lókè. Ní ilé ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ipa bàtà mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n gbé sólà kọ́, gbogbo wọn wà ní àárín àlàfo, níbi tí kò sí igi lábẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rìn lórí páànù gbọ́dọ̀ máa wo orí síkúrù. Ibi tí síkúrù bá tò sí ní ìlà ni pọ́lín, ìyẹn igi tí wọ́n kan páànù mọ́, wà lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni kó sì máa tẹ̀. Páànù tó fẹ́lẹ́ kì í dárí ji ẹni tó bá ṣìṣe níbẹ̀. Èyí tó nípọn máa ń dárí jì í lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Níbí ni ọ̀rọ̀ igi ti wọlé, ó sì ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Mo wọ inú àjà ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, mo fi téèpù wọ̀n àlàfo tó wà láàárín pọ́lín kan sí èkejì. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ni. Àwọn ibì kan tilẹ̀ lé díẹ̀. Ẹni tó kàn án fẹ́ dín igi kù, ó sì dín in lóòótọ́.

Bí páànù ṣe ń rọ̀ láàárín igi méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ bó ṣe nípọn nìkan. Àwọn ìká tó wà lára páànù, àwọn tó ga tó sì sọ̀ yẹn, ló ń fún un lágbára jù láti na ara rẹ̀ láti igi sí igi. Tí ẹ bá sọ 0.45 di 0.55, tí ìká rẹ̀ sì jẹ́ bákan náà, líle rẹ̀ láti igi sí igi yóò fi nǹkan bí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan pọ̀ sí i, kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fi páànù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sún igi súnmọ́ra láti ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 3: tí ènìyàn bá dúró láàárín, títẹ̀ rẹ̀ yóò dín kù sí ohun tí kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé atẹ́gùn tó fẹ́ kárí ni, yóò dín kù sí bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan. Ẹ wo bó ṣe rí sí owó. Ẹ̀gbẹ́ òrùlé ẹ̀gbọ́n mi gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20 láti orí ṣóńṣó dé etí. Ní àlàfo ẹsẹ̀ 4, ìlà pọ́lín 6 ló gbà. Ní ẹsẹ̀ 3, ìlà 8. Ìlà igi túù-báì-tíríì méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi pamọ́, wọ́n sì fi ilé sínú ewu nítorí rẹ̀.

Mo fi èyí kún un, torí pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: wọ́n ní páànù irin àti ti alumíníọ̀mù tó bá jẹ́ 0.45 kan náà, bákan náà ni wọ́n lágbára. Rárá o. Tí ìrísí wọn bá bára mu, irin fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta le ju alumíníọ̀mù lọ ní ti rírọ̀. Nítorí náà igi tí wọ́n tò fún páànù irin kò tó fún alumíníọ̀mù, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣí páànù irin àtijọ́ kúrò kó fi lọ́ńgísípáànì dípò rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ igi wò kó tó ra nǹkan kan.

Ní ti ìjì, gbólóhùn díẹ̀ tó. Òrùlé kì í sábà lọ nítorí pé páànù rọ̀. Ó máa ń lọ nítorí pé atẹ́gùn fà á títí ó fi gba orí ìṣó yọ, tàbí kó fa ìṣó náà yọ kúrò nínú igi. Páànù tó nípọn ń ṣèrànwọ́ ní ti àkọ́kọ́, torí pé kò ní tètè ya yí orí ìṣó ká. Ní ti èkejì, kò lè ṣe nǹkan kan, síkúrù gígùn àti igi tó le ló ń ṣe é. Ẹ rí i pé ìṣó sún mọ́ra jù ní etí òrùlé àti lórí ṣóńṣó, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń kọ́kọ́ ṣí i.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ariwo òjò, ìyẹn ohun tó ń dun ẹ̀gbọ́n mi jù. Wọ́n gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé tí àwọn bá fi 0.70 bo ilé, òjò yóò dákẹ́. N kò fẹ́ jiyàn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dúró de òjò. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó ṣú, ó sì rọ̀. Ilé náà ní yàrá ìkẹ́rù kan tí wọn kò tíì bo àjà rẹ̀, tó kángun sí yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi ń sùn. Páànù kan náà, láti inú bọ́ńdùlù kan náà, ló bo méjèèjì. Mo ní kí wọ́n dúró nínú yàrá ìkẹ́rù, kí èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo sì pè wọ́n ní orúkọ wọn. Wọ́n fi ọwọ́ hàn mí pé àwọn kò gbọ́. Mo pariwo, wọ́n gbọ́ díẹ̀. A wọ yàrá oorun, mo pè wọ́n ní ohùn tí mo fi ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, wọ́n dáhùn. Wọ́n wò mí, wọ́n wo òkè, wọ́n ní, "Àjà ni?" Mo ní, "Àjà ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ìṣirò wà fún un náà. Fún ohùn tó ń gba inú ohun pẹlẹbẹ kọjá, tí ìwúwo ohun náà bá di ìlọ́po méjì, ohùn yóò fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 6 dín kù, dẹ́síbẹ́lì sì ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe pọ̀ tó. Láti 0.45 sí 0.55, ìwúwo kò lé ju nǹkan bí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan lọ, ohun tí ẹ ó sì rí níbẹ̀ kò tó dẹ́síbẹ́lì 2. Etí ènìyàn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀ tó kéré bẹ́ẹ̀. Kódà tí ẹ̀gbọ́n mi bá fo láti 0.42 dé 0.70, nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 4 ni. Wọn yóò gbọ́ pé ohùn náà wúwo díẹ̀ sí i, kò ta létí bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n oorun tí wọ́n ń wá kò sí níbẹ̀. Páànù olókùúta tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yìn pé kì í pariwo, irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í sábà nípọn púpọ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ni kì í jẹ́ kó gbọ̀n. Ó fi hàn pé ohun tó bá lẹ̀ mọ́ páànù tó sì dá gbígbọ̀n rẹ̀ dúró, tàbí ohun tó bá wà láàárín páànù àti etí yín, ló ń ṣiṣẹ́.

Nínú yàrá oorun yẹn, mo rí ohun méjì tó ṣeé ṣe láìná owó páànù. Àjà píópì wọn ní àlàfo tó lè gba ọwọ́ ọmọdé ní igun tó kángun sí yàrá ìkẹ́rù, ohùn sì ń gba ibẹ̀ wọlé bí omi. Èkejì ni pé síkúrù mẹ́fà ti tú díẹ̀ lórí páànù tó wà lókè ibùsùn gan-an, páànù náà sì ń lu igi ní gbogbo ìgbà tí òjò bá lù ú. Mo dí igun náà, mo mú àwọn síkúrù náà le. Mo ní tí owó bá wà, kí wọ́n ra òwú fáíbà kí a tẹ́ ẹ sórí àjà.

Ìgbà tí páànù ń lò lórí ilé wá ńkọ́? Níhìn-ín, ohun tí wọ́n fi ṣe páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó béèrè bó ṣe nípọn. Lára páànù irin, síńkì tí wọ́n fi bọ̀ ọ́ ló ń dá ìpẹtà dúró. Èyí tó dára, tí síńkì rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 275 sí mítà kan lọ́nà mítà kan, ojú méjèèjì pọ̀, ìbòrí rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ìdá àádọ́ta mìlímítà lọ lójú kọ̀ọ̀kan. Tí síńkì yẹn bá ti jẹ tán, irin bẹ̀rẹ̀ sí í pẹtà. Páànù tó nípọn tí síńkì rẹ̀ kéré yóò pọ́n ní ọdún kan náà pẹ̀lú èyí tó fẹ́lẹ́ tí síńkì wọn jẹ́ bákan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó lu. Ẹni tó bá gun Òkè Màpó tó wo ìsàlẹ̀ yóò rí òrùlé aláwọ̀ ilẹ̀ tó ti pọ́n láti ìgbà pípẹ́ tó sì ṣì ń gbé òjò. Mo ti ṣí irú wọn rí ní agboolé kan ní Ọjẹ́. Páànù náà wúwo débi pé àwa méjì la gbé ọ̀kan, ìpẹtà sì ti bo gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí mo fi òòlù kan án, ó ṣì dún bí irin. Nínípọn ló fún un ní ọdún wọ̀nyẹn lẹ́yìn tí síńkì ti lọ.

Alumíníọ̀mù kì í pẹtà bí irin. Ó máa ń bo ara rẹ̀ pẹ̀lú awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú kò lè rí, awọ yẹn ló ń dáàbò bò ó. Ohun tó ń pa á ni ohun tó bá jẹ awọ náà. Sìmẹ́ǹtì tútù wà nínú wọn. Bíríkìlà tó ń rẹ́ ògiri pàrápẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí a ti kan páànù máa ń da sìmẹ́ǹtì sí i lára, tó bá di ọjọ́ kejì tí wọ́n bá gbá a kúrò, àmì eérú ti wà níbẹ̀, ó ti jẹ ẹ́. Kí wọ́n fi omi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ ni. Omi tó ń kán láti ara páìpù kọ́pà ti ẹ̀rọ amúlétutù tún burú jù bẹ́ẹ̀, ìṣó irin lásán tí wọ́n kàn mọ́ ọn kò sì sàn fún un, pàápàá jù lọ ní Èkó níbi tí iyọ̀ òkun ń bá atẹ́gùn rìn. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ihò kéékèèké ló ń gbẹ́ lọ sísàlẹ̀ láti ojú páànù. Èyí tó nípọn kàn jìnnà sí i láti gbẹ́ dé òdìkejì. Ó ń ra àkókò, kò wo àìsàn náà sàn.

Ibi kan wà tí nínípọn ti kan jíjò gan-an, ibẹ̀ sì ni mo ti dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn nípa ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn. Ihò síkúrù ni. Oòrùn ọ̀sán Mọ́níyà lè mú kí páànù gbóná, kí òjò sì dé lójijì kó tù ú. Tí ìyàtọ̀ ooru náà bá tó ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì 40, páànù alumíníọ̀mù tó gùn ní mítà 6 yóò súnkì ní nǹkan bíi mìlímítà márùn-ún àti ààbọ̀. Tó bá gbóná padà, yóò nà. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, síkúrù sì dúró gbọn-in síbi kan. Páànù ló máa ń fi ara gbá síkúrù. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni ihò rẹ̀ máa ń tètè fẹ̀, tí yóò fi yọ kúrò lábẹ́ rọ́bà, tí omi yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Bákan náà, ẹni tó bá fi ẹ̀rọ fún síkúrù le jù lórí páànù fẹ́lẹ́, yóò tẹ̀ ẹ́ wọnú yí síkúrù ká, omi á sì máa dúró nínú àwo kékeré yẹn. Èyí tó fún dáadáa, rọ́bà rẹ̀ máa ń yọ díẹ̀ yí etí orí síkúrù ká, páànù abẹ́ rẹ̀ sì ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo yẹ ti ẹ̀gbọ́n mi wò ní ìlà mẹ́ta. Ó ju ìdajì lọ tí wọ́n fún le jù. Kò tíì jò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a wá jókòó láti ṣe ìpinnu, mo ní kí wọ́n má tú gbogbo ilé. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù, tí mángòrò kò kàn, a ó fi sílẹ̀: a ó pààrọ̀ rọ́bà àti síkúrù tí wọ́n fún le jù, a ó sì kọ ibi tí ènìyàn lè tẹ̀ fún àwọn onísólà. Ẹ̀gbẹ́ mángòrò nìkan ni a ó ṣí. A ó tún pọ́lín tò sí ẹsẹ̀ bàtà 3, a ó sì fi 0.70 bò ó, torí pé ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní gé igi tí bàbá wa gbìn. Wọ́n gbà kí a gé ẹ̀ka kan péré, èyí tó rọ̀ sórí ilé. Wọ́n bi mí bóyá àwọ̀ páànù tuntun yóò bá ti àtijọ́ mu, mo sọ òtítọ́ fún wọn pé kò ní bá a mu, tuntun yóò máa dán fún ọdún bíi mélòó kan. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ni ẹ̀gbẹ́ yẹn kọjú sí, kò burú. Àwọn páànù tó ti tẹ̀, wọ́n fi bo ilé adìyẹ.

Wọ́n padà lọ bá ẹni tó tajà fún wọn, wọ́n mú ìwé tí mo kọ ìṣirò sí lọ. Ó dá ìyàtọ̀ owó 0.55 àti 0.45 padà fún wọn, kò sì bá wọn jiyàn lórí kílò.

Ọkọ̀ kó páànù tuntun dé ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láti ọwọ́ olùtajà mìíràn. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi wà lórí igi, à ń kan pọ́lín. Nígbà tí mo wolẹ̀, mo rí ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ igi mángòrò pẹ̀lú ọmọkùnrin onírin àlòkù, wọ́n ti fi okùn de páànù kan láàárín, wọ́n ti gbé e kọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n sì ní kí awakọ̀ má tíì sọ èyí tó kù kalẹ̀. Wọ́n dúró títí kò fi fì mọ́, wọ́n wo ọwọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n sì pariwo sí mi lókè: "Kílò mẹ́tàlá àti ààbọ̀! Ó tilẹ̀ lé díẹ̀!" Wọ́n wá yíjú sí awakọ̀ náà, wọ́n ní kó máa sọ ọ́ kalẹ̀.